Séítàn tó yi jù, séítàn tó rọ̀ jù: ibo ni kí n ti dáwọ́ ṣíṣan dúró?

Olóúnjẹ_Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kétu ni mo wà, oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń sè tà. Mo ní àwọn oníbàárà tí kì í fi ẹnu kan ẹran, séítàn ni mo sì ń ṣe fún wọn. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà ní àpò ni mo fi ń ṣe é, kì í ṣe gílútẹ̀nì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Mo máa ń po kílò kan, mo máa ń rì í sínú omi, lẹ́yìn náà mo máa ń ṣan án nínú bàsíà títí omi funfun á fi dínkù.

Ohun tí kò yé mi nìyí: ìyẹ̀fun kan náà ni, ìkòkò kan náà ni, síbẹ̀ nígbà mìíràn ó máa ń yi débi pé àwọn àgbà á jẹ ẹ́ títí, wọn ò ní lè gbé e mì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á rọ̀, á sì máa já wẹ́wẹ́ nínú ọbẹ̀ kí n tó bu abọ́ kẹta. Ṣé pípò ló ń fà á ni, àbí ṣíṣan? Mo fẹ́ kó ní ìyi díẹ̀ lẹ́nu, kí ata sì wọ inú rẹ̀. Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá_Oníwàrà

Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Bó ṣe le tó, ọwọ́ bí o ṣe fún un ló wà. Bí omi sọ́yà bá ti dì lórí iná, dà á sínú aṣọ funfun, kí o so ó, kí o wá gbé òkúta lé e. Bí òkúta bá wúwo tó sì pẹ́ lórí rẹ̀, á le. Bí o bá tètè gbé e kúrò, á rọ̀. Àwa tí à ń ta wàrà sọ́yà ní Àjàṣẹ́ níbí, bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Má sì dín in nínú òróró kó tó gbẹ.

Olóúnjẹ_Kétu

Ẹ ṣé púpọ̀, Mọ̀mọ́. Àlìkámà ni tèmi, kì í ṣe sọ́yà. Kò sí ohun tí à ń mú dì lórí iná nínú rẹ̀. Omi ni a fi ń ṣan ìyẹ̀fun tí a ti pò títí èyí tó ń fà nínú rẹ̀ nìkan á fi kù.

Ìyá_Oníwàrà

Háà, ó ti yé mi. Mo ti jẹ irú rẹ̀ rí, mo rò pé ẹran ni. Mo jókòó, mò ń gbọ́ yín.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́

Pípò ni. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ jìnnà. Ìyẹ̀fun àlìkámà, bí ọwọ́ bá ti pọ̀ lára rẹ̀, á le. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe kéèkì kì í fi í pò ó púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀ fún àwọn àgbà, ẹ kàn fi omi pò ó pọ̀ títí kò fi sí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan án lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún lè lo ìyẹ̀fun kéèkì dípò ti búrẹ́dì.

Oníbúrẹ́dì_Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yín ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni séítàn arábìnrin wa ti ń já wẹ́wẹ́.

Purotéènì méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìyẹ̀fun àlìkámà. Gílútẹ́nínì ló ń fún un lágbára, òun ló ń mú kó padà sí ààyè rẹ̀ bí a bá fà á. Gíláyádínì ló ń jẹ́ kó lè fà láìtètè já. Nígbà tí ìyẹ̀fun wà ní gbígbẹ, wọn kò so mọ́ra. Omi àti ọwọ́ ló ń so wọ́n pọ̀ di àwọ̀n tí à ń pè ní gílútẹ̀nì, inú àwọ̀n yẹn sì ni sítáàṣì há sí. Iṣẹ́ tí à ń ṣe nínú bàsíà ni pé kí sítáàṣì jáde kí àwọ̀n kù. Bí àwọ̀n kò bá tíì so dáadáa kí ẹ tó fi omi sí i, yóò ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, yóò sì bá omi funfun lọ. Èyí tó kù lọ́wọ́ yín yóò kéré, kò sì ní di ara rẹ̀ mú. Ìyẹn kì í ṣe rírọ̀, jíjá ni. Bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú ìyẹ̀fun kéèkì náà nìyẹn: purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ óò fi omi ṣòfò, ohun tí ẹ óò rí kó nínú asẹ́ kò ní kún ọwọ́.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Kílò kan ìyẹ̀fun búrẹ́dì, omi bíi 600 mílílítà. Mo máa pò ó dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n máa fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú kí n sì máa ká a padà. Àmì tí mo ń wò kì í ṣe aago. Mo máa ń já díẹ̀ nínú rẹ̀, bíi ìwọ̀n àtàǹpàkò, mo máa ń fi ìka méjèèjì fà á díẹ̀díẹ̀ níwájú fèrèsé. Bó bá fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kó tó ya, ó ti so. Bó bá já kó tó fẹ́lẹ́, ó ṣì ku pípò. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa rì í sínú omi tútù bíi wákàtí kan. Láàárín wákàtí yẹn, àwọ̀n á máa so fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ á sì dẹ̀, kò ní máa ja ọwọ́ yín lágbára nígbà ṣíṣan. Kò pọn dandan kó pẹ́ jùyẹn lọ, pàápàá nínú ooru tiwa. Bó bá pẹ́ nínú omi níta, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, kíkan yẹn á sì mú kó máa yọ̀ lọ́wọ́, kó máa yòrò.

Nítorí náà, pípò àkọ́kọ́ kò ṣe é dín kù. Ṣíṣan ni ẹ óò fi pinnu bó ṣe máa yi tó.

Olóúnjẹ_Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ní ti ṣíṣan, mi ò mọ ibi tó yẹ kí n dúró sí. Èèyàn kan sọ fún mi pé kí n ṣan án títí omi á fi mọ́ kedere. Ẹlòmíràn ní kí n má ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Omi kẹta náà tún wà níbẹ̀: nígbà mìíràn tí mo bá dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ á kàn tú ká nínú bàsíà, á dà bí ẹni pé ó ti bàjẹ́.

Oníbúrẹ́dì_Àjàṣẹ́

Ìtúká yẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Níbi tí sítáàṣì ti jáde lọ tí gílútẹ̀nì kò sì tíì tún ara rẹ̀ mú ni. Ẹ má dà á nù. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú asẹ́ olójú kékeré, ẹ kó o jọ, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ gbé e sínú omi míràn. Tó bá di omi kẹrin, ẹ óò rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà di ọ̀kan, tí àwọ̀ rẹ̀ ń kúrò ní funfun bọ́ sí àwọ̀ eérú díẹ̀, tó sì ń fà tẹ̀lé ọwọ́ ní okùn-okùn. Bó bá tú ká tí kò sì kó jọ mọ́ títí dé omi karùn-ún, a jẹ́ pé pípò kò tó tàbí ìyẹ̀fun náà kò ní agbára.

Ní ti ibi tí ẹ óò dúró sí: sítáàṣì tó bá kù láàárín gílútẹ̀nì yóò mu omi nígbà tí ẹ bá ń sè é, yóò wú, yóò sì ya àwọn okùn náà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí eyín lè wọlé. Bí ẹ bá ṣan gbogbo rẹ̀ dànù títí omi fi mọ́ kedere, kò sí ohun tó yà wọ́n mọ́, okùn á dì mọ́ okùn, ohun tí àwọn àgbà kò lè gbé mì nìyẹn. Bí ẹ bá sì dúró nígbà tí omi ṣì funfun dẹ̀ẹ̀, sítáàṣì ti pọ̀ jù, á máa dà bí búrẹ́dì tútù lẹ́nu yín ni. Èmi máa ń dúró nígbà tí omi bá ti rí bí omi tí a fi fọ ìrẹsì lẹ́ẹ̀kejì: ẹ lè rí ìsàlẹ̀ bàsíà, ṣùgbọ́n kò mọ́.

Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n, ó dára ju ojú lọ. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì kílò kan, bí ẹ bá ṣan án tán pátápátá, tí omi rẹ̀ sì ti ro, á máa wọn nǹkan bíi 300 sí 350 gíráàmù. Bó bá ṣì ń wọn 450 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sítáàṣì àti omi ṣì wà níbẹ̀ púpọ̀. Iye yìí á yí padà bí agbára ìyẹ̀fun bá yí padà, nítorí náà ẹ kọ ti àpò yín sílẹ̀, kí ẹ fi ìyẹn díwọ̀n èyí tó ń bọ̀.

Àǹtí_Wàndó

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Gílútẹ̀nì oníyẹ̀fun ni mo máa ń lò, ẹ̀gbọ́n mi ló ń rà á wá láti Kùtọnù. Mo ń fi omi àti ata pò ó, mo sì ń pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹ ṣe wí yìí, ó máa ń le gan-an ni! Èmi ò ṣan ohunkóhun o. Kí ni kí n ṣe?

Oníbúrẹ́dì_Àjàṣẹ́

Àǹtí, tiyín yàtọ̀. Wọ́n ti ṣan tiyín ní ilé iṣẹ́, wọ́n sì ti gbẹ ẹ́. Bí omi bá ti kàn án, ó ti ń so nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ti tó ọ láti pò. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀, ẹ se ẹ̀wà kí ẹ lọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ bu ìyẹ̀fun ẹ̀wà díẹ̀ sí i, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Iṣẹ́ tí sítáàṣì ń ṣe nínú ti Kétu náà ló máa ṣe nínú tiyín. Ẹ̀wà náà á tún bá a dọ́gba, torí purotéènì àlìkámà kò ní láísínì púpọ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà purotéènì tí ara nílò, ẹ̀wà sì ní in.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí pé pípò ń mú un le. Àbúrò mi obìnrin máa ń ṣe é, lẹ́yìn tó bá ṣan án tán ló tún máa ń pò ó, tó ń lù ú mọ́ pákó kí ata lè wọlé. Tirẹ̀ le bí nǹkan míì.

Oníbúrẹ́dì_Àjàṣẹ́

Ibẹ̀ ni ẹ ti sọ òótọ́ pọ́nńbélé, Bàbá. Pípò kí a tó ṣan án àti pípò lẹ́yìn ṣíṣan kì í ṣe ohun kan náà. Lẹ́yìn ṣíṣan, kò sí sítáàṣì púpọ̀ mọ́, gbogbo agbára tí ẹ bá lò ń fún okùn náà pọ̀ ni. Bí ẹ bá gbé e sórí iná lójú ẹsẹ̀, bó ṣe fún pọ̀ ni yóò ṣe jinná. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú asẹ́ bíi wákàtí kan, kí omi ro, kí ara rẹ̀ dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fà á gùn, kí ẹ lọ́ ọ, kí ẹ ta á ní kókó kan tàbí méjì. Fífà àti lílọ́ yìí ló ń jẹ́ kó máa ya ní okùn-okùn bí ẹ bá fọwọ́ ya á, dípò kó jẹ́ ẹyọ kan gbọnrangandan. Bí ẹ bá fà á tó ń padà sẹ́yìn fìrì, kò tíì sinmi tó.

Pípò kì í mú ata wọ gílútẹ̀nì tí a ti ṣan. Inú omi ọbẹ̀ tí ẹ fi sè é ló ti ń gba adùn, nítorí náà kí iyọ̀, atalẹ̀, áyù àti irú pọ̀ nínú omi yẹn.

Olóúnjẹ_Kétu

Mo padà dé o. Mo ṣe é bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, ṣùgbọ́n mo gé e sí méjì kí n lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Kílò kan ìyẹ̀fun, 600 mílílítà omi. Mo pò ó títí mo fi rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀, mo rì í sómi fún wákàtí kan. Mo wá gé e sí ọgbọọgba, 800 gíráàmù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Èyí àkọ́kọ́, mo dúró nígbà tí omi ṣì funfun díẹ̀ tí mo ń rí ìsàlẹ̀ bàsíà fìrífìrí. Nígbà tí omi rẹ̀ ro tán, ó wọn 220. Èkejì, mo ṣan án títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ó wọn 165. Mo jẹ́ kí méjèèjì sinmi, mo lọ́ wọn, mo ta wọ́n ní kókó, mo sì sè wọ́n nínú ìkòkò kan náà fún bíi wákàtí kan. Okùn pupa ni mo so mọ́ èkejì kí n má baà ṣì wọ́n mú.

Èkejì yi lóòótọ́. Tí mo bá gé e, ojú ọ̀bẹ máa ń fà á kó tó wọlé, inú rẹ̀ sì ń dán. Àkọ́kọ́ rọ̀, eyín wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì gba ata ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í sínú ẹ̀fọ́ tí mo sì rò ó, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìyá kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi fẹ́ràn àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ méjì ní èkejì ni ẹran. Mo rò pé àárín méjèèjì ni èmi máa dúró sí, bíi 190.

Ohun kan tún wà. Lójú ìkòkò, méjèèjì wú, wọ́n sì ní ihò kéékèèké nínú. Ṣé ṣíṣan náà ni?

Oníbúrẹ́dì_Àjàṣẹ́

Rárá, iná nìyẹn. Bí omi bá ń hó gbùùrù-gbùùrù, ooru á máa ti gílútẹ̀nì náà wú láti inú, ihò á ṣí, omi á kún inú rẹ̀, á sì máa yọ̀ lẹ́nu. Kí omi hó ná kí ẹ tó gbé e sí i, kí ẹ wá dín iná kù débi pé ojú omi kàn ń mì díẹ̀. Tàbí kí ẹ fi ewé wé e kí ẹ sì sè é lórí ooru omi bí ẹ ṣe ń se mọ́ín-mọ́ín. Ìyẹn kì í wú, ó sì máa ń dì ju ti inú omi lọ. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi ọbẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gé e ní gbígbóná, á rọ̀ jù lójú yín, ẹ óò sì rò pé ẹ kò ṣan án tó.

Ti 220 tó ń tú nínú ẹ̀fọ́, ẹ kọ́kọ́ fi òróró díẹ̀ dín ojú rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀. Ojú rẹ̀ á dì.

Ọmọ_Akabá

Kétu ni èmi náà wà. Omi ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, torí bàsíà mẹ́fà omi lórí ìyẹ̀fun kílò kan pọ̀ fún ẹni tó ń ra omi.

Olóúnjẹ_Kétu

Àbúrò, má ṣe da omi ìkẹyìn nù. Òun ni kí o fi ṣe omi àkọ́kọ́ fún ìyẹ̀fun tó tẹ̀lé e, bí o bá ń ṣe ju kílò kan lọ lọ́jọ́ náà. Omi àkọ́kọ́ á ṣáà funfun bó ti wù kó rí. Omi àkọ́kọ́ àti èkejì, mo máa ń dà wọ́n sínú agbada kan, mo máa ń bò ó sínú fìríìjì. Tó bá di àárọ̀, sítáàṣì á ti sùn sísàlẹ̀, mo máa ń da omi òkè nù, mo sì ń fi ìsàlẹ̀ mú ọbẹ̀ ki tàbí kí n fi òróró díẹ̀ yan án fún àwọn ọmọ.

Nọ́ọ̀sì_Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún oníbàárà. Àwọn kan wà tí gílútẹ̀nì ń ba ìfun wọn jẹ́, díẹ̀ rẹ̀ sì ti tó láti ṣe é. Séítàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gílútẹ̀nì nìkan, ojú lásán kò sì lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹran tàbí sọ́yà.

Olóúnjẹ_Kétu

Ẹ ṣé, màá kọ ọ́ sára pátákó oúnjẹ.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́

Ó dára, ti pípò lẹ́yìn ṣíṣan ti yanjú láàárín àwa méjèèjì. Iyọ̀ ńkọ́? Àbúrò mi máa ń fi iyọ̀ sí ìyẹ̀fun kó tó pò ó, ó ní ó ń jẹ́ kó dì mú.

Oníbúrẹ́dì_Àjàṣẹ́

Nínú búrẹ́dì, iyọ̀ ń mú gílútẹ̀nì le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbí, omi ṣíṣan á gbé púpọ̀ nínú iyọ̀ náà lọ kó tó dé orí iná, ìyẹn ni èmi ò fi í fi sí i. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń fi iyọ̀ sí omi ṣíṣan pàápàá nígbà tí ìyẹ̀fun wọn kò bá lágbára, wọ́n ní kì í tú ká ní omi kẹta. Bó bá jẹ́ omi kànga líle ni wọ́n ń lò, ó lè jẹ́ omi yẹn ló ń ṣe é, torí omi líle náà ń mú gílútẹ̀nì dì.

Bàbá_Ṣábẹ̀ẹ́

Omi kànga ni tiwa, ó sì le, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní iyọ̀ ni.

Olóúnjẹ_Kétu

Omi ẹ̀rọ ni mò ń lò ní tèmi. Màá tún gé kílò kan sí méjì, kí n fi iyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n sì wọn ohun tó kù nínú asẹ́. Bàbá, ẹ bá mi bi àbúrò yín pé mélòó ni iyọ̀ tó ń bù sí kílò kan.